Ohun tí ìlà inú Excel ń sọ àti ohun tí kò sọ: ìpolówó rédíò àti àpò ìrẹsì ní Àkúrẹ́

*“Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Oṣù tó kọjá ni wọ́n gbà mí síṣẹ́ àtúpalẹ̀ dátà ní ilé ìtajà ìrẹsì kan ní Àkúrẹ́. Mo kó ọ̀sẹ̀ 12 jọ: iye ìgbà tí ìpolówó wa jáde lórí rédíò àti iye àpò tí a tà. Excel fún mi ní y = 6.5506x + 27.022, R² = 0.9483. Ọ̀gá mi ní ìpolówó kan ń mú àpò mẹ́fà àbọ̀ wá nìyẹn, pé kí a máa ṣe mẹ́wàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. ₦8,000 ni ìpolówó kan, èrè orí àpò kan sì jẹ́ ₦2,500. Ṣé ohun tí ìlà náà wí nìyẹn lóòótọ́? Mo fi dátà náà ránṣẹ́ sí yín.”*

Rárá, kì í ṣe ohun tó wí nìyẹn. Ohun tó wí ni pé nínú ọ̀sẹ̀ 12 tí ẹ kọ sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó bá fi ìpolówó kan ju òmíràn lọ sábà máa ń fi nǹkan bí àpò 6.55 jù ú lọ ní títà. Ó ń fi àwọn ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá wé ara wọn ni. Ọ̀gá yín gbọ́ ọ bí ìlérí: pé bí a bá fi ìpolówó kan kún un lónìí, àpò mẹ́fà àbọ̀ yóò jáde. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra, owó gidi sì ni ìyàtọ̀ náà. Inú dátà yín kan náà la ti rí i pé ìpolówó kan kò mú ju nǹkan bí àpò 2 wá, ìyẹn èrè ₦5,000 lórí ìpolówó ₦8,000.

Ẹ má wo dátà náà bó ṣe tò láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ìkejìlá. Iye ìpolówó ni kí ẹ fi tò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ní ìpolówó 2, ẹ sì ta àpò 43, 46 àti 43. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ní ìpolówó 3: ẹ ta 44, 48 àti 46. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ní ìpolówó 4: ẹ ta 47, 50 àti 47. Lẹ́yìn náà ni àlàfo ńlá kan wà, nítorí kò sí ọ̀sẹ̀ kankan tó ní 5, 6 tàbí 7. Ó fò sí 8, ẹ ta 87. Ó di 9, ẹ ta 86. Ó di 10, ẹ ta 91.

Ẹ wá wo déètì àwọn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yìí. Ìparí oṣù ni gbogbo wọn, ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù wọlé. Ẹni tó bá ń gbé Àkúrẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Bí owó bá ti wọ àkáǹtì àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàká, Ọjà Ọba á gbóná, ẹni tó ti ń ra ìrẹsì ní kóńgò látàárọ̀ á wá ra odidi àpò. Ọ̀gá yín mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ń kó ìpolówó jọ sí ọ̀sẹ̀ náà. Fún ẹni tó ń ta ọjà, ìgbésẹ̀ tó bọ́gbọ́n mu ni. Ṣùgbọ́n òun gan-an ló da ìlà náà rú, nítorí ìpolówó púpọ̀ àti owó oṣù jọ ń wọlé pọ̀ ni, wọ́n sì jọ ń lọ pọ̀. Ìlà kò rí àyè tí ọ̀kan ti dá wá láìsí èkejì.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí Excel kò fi lè bọ́ nínú èyí fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń yan ìlà. Ìlà yòówù tí ẹ bá fà, àmì ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò jìnnà sí i díẹ̀, bóyá lókè, bóyá nísàlẹ̀. Ìjìnnà yẹn là ń pè ní àṣẹ́kù: ẹ mú iye tí ẹ tà gan-an, kí ẹ yọ iye tí ìlà ní ẹ óò tà kúrò nínú rẹ̀. Excel á fi àṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á sì mú ìlà tí àròpọ̀ yẹn bá kéré jù lọ fún. Ti ìlà yín jẹ́ 208. Kò sí ìlà gbọọrọ mìíràn tó lè mú un dín kù sí i.

Inú ìlọ́po yẹn ni ọ̀ràn wà. Àṣẹ́kù 3 á di 9, ṣùgbọ́n àṣẹ́kù 30 á di 900. Nítorí náà, ìlà kì í lè fara da àmì kan tó jìnnà sí i gidigidi. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó tàsé àmì mẹ́sàn-án díẹ̀díẹ̀ ju kó jìnnà sí mẹ́ta lọ. Ẹ fi ìlà mìíràn wò, èyí tó ní àpò 40 láti ìbẹ̀rẹ̀ àti àpò 2 lórí ìpolówó kọ̀ọ̀kan. Ó bá àwọn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí kì í ṣe ti owó oṣù mu gan-an, àròpọ̀ ìlọ́po àṣẹ́kù wọn kò ju 20 lọ. Àmọ́ bó bá dé ọ̀sẹ̀ owó oṣù, 56, 58 àti 60 ló ní ẹ óò tà, ẹ̀yin sì ta 87, 86 àti 91. Àṣẹ́kù jẹ́ 31, 28 àti 31. Bí ẹ bá fi wọ́n ṣe ìlọ́po ara wọn, ó di 961, 784 àti 961, àròpọ̀ rẹ̀ 2,706. Nǹkan ńlá tí Excel ń sá fún nìyẹn. Ló bá gbé orí ìlà sókè títí tó fi dé ọ̀dọ̀ àmì mẹ́ta náà. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ owó oṣù. Ìpolówó nìkan ṣoṣo ni ẹ fún un láti fi ṣàlàyé títà, nítorí náà gbogbo ohun tó gbé títà sókè, orí ìpolówó ló kó o lé.

Ọ̀nà ìṣirò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1805 ni Legendre, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, tẹ̀ ẹ́ jáde fún ṣíṣírò ipa ọ̀nà àwọn ìràwọ̀ onírù. Kò sí ẹni tó lè ti ìràwọ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ohun tí wọ́n ń wá ni ibi tí yóò wà. Iṣẹ́ tí ìlà mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn títí di òní. Ó lè sọ ibi tí nǹkan yóò wà bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá yín fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ẹ lè fi ojú rí ibi tí 6.55 ti wá gan-an, tí ẹ bá ń fi ọ̀sẹ̀ wé irú rẹ̀. Láàrin àwọn ọ̀sẹ̀ lásán, ìpíndọ́gba títà jẹ́ 44 níbi tí ìpolówó ti jẹ́ 2, ó jẹ́ 46 níbi tó ti jẹ́ 3, ó sì jẹ́ 48 níbi tó ti jẹ́ 4. Ìpolówó kan, àpò 2. Láàrin àwọn ọ̀sẹ̀ owó oṣù, láti ìpolówó 8 dé 10, títà gòkè láti 87 dé 91. Àpò 2 lórí ìpolówó kan náà tún ni. Ẹ wá fi ọ̀wọ́ kan wé èkejì. Ọ̀sẹ̀ lásán ní ìpolówó 3 àti àpò 46 ní ìpíndọ́gba, ọ̀sẹ̀ owó oṣù ní ìpolówó 9 àti àpò 88. Ìyàtọ̀ àpò 42 lórí ìyàtọ̀ ìpolówó 6, ó di 7.

Nínú ọ̀wọ́ kan náà, 2 ni. Láti ọ̀wọ́ kan sí èkejì, 7 ni. Excel da méjèèjì pọ̀. Bó ṣe ń dà wọ́n pọ̀ nìyí: ìpíndọ́gba ìpolówó nínú ọ̀sẹ̀ 12 yín jẹ́ 4.5. Ẹ wo bí ìpolówó ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí 4.5, ẹ fi ìjìnnà náà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ ro ó pọ̀. Ẹ óò rí 89. Nínú 89 yìí, 81 wá láti inú bí ọ̀sẹ̀ owó oṣù ṣe yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ lásán. Mẹ́jọ péré ló wá láti inú ìyàtọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ tó jọ ara wọn. Ìwọ̀n yìí ni Excel fi pín ọ̀rọ̀ náà:

```
(8 × 2 + 81 × 7) ÷ 89 = 583 ÷ 89 = 6.55
```

Ó dà bí ìpàdé tí ènìyàn 89 ti dìbò, tí 81 nínú wọn sì ń sọ ti owó oṣù, àmọ́ tó jẹ́ orúkọ ìpolówó ni akọ̀wé kọ sílẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ x nínú ìlà èyíkéyìí ni kí ẹ máa bi léèrè báyìí: ìfiwéra láàrin ta ni àti ta ni ló pọ̀ jù nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di náírà. Láti ìpolówó 3 sí 10 ní ọ̀sẹ̀ lásán, 7 ló lé, ìyẹn ₦56,000. Bó bá jẹ́ 6.55 ni ìpolówó kan ń mú wá lóòótọ́, nǹkan bí àpò 46 ni yóò lé, èrè rẹ̀ á tó ₦115,000, ọ̀gá yín á sì jàre. Bó bá jẹ́ 2 ni, àpò 14 ni yóò lé, èrè rẹ̀ á jẹ́ ₦35,000, ẹ óò sì máa pàdánù ₦21,000 ní ọ̀sẹ̀ lásán kọ̀ọ̀kan. Ibi tí owó ìpolówó àti èrè ti dọ́gba ni àpò 3.2, nítorí ₦8,000 pín sí ₦2,500 jẹ́ 3.2. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ṣé R² tó jẹ́ 0.9483 kò wá já mọ́ nǹkan ni? Ó já mọ́ nǹkan kan: nínú gbogbo lílọ sókè sódò tí títà yín ṣe ní ọ̀sẹ̀ 12, nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá ìlà náà rìn. Ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó fà á. Ohun tó mú un ga ni pé ọ̀wọ́ àmì yín méjèèjì jìnnà síra, ìlà tó bá sì so ọ̀wọ́ méjì tó jìnnà síra pọ̀ yóò ní R² gíga dandan ni. Ẹ fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò: ká ní ìpolówó yín kò ta ẹyọ àpò kan rí, tó jẹ́ pé owó oṣù nìkan ló mú gbogbo àpò 42 yẹn wá, tí gbogbo nǹkan yòókù sì wà bó ṣe wà, Excel ì bá ṣì fún yín ní 6.37 lẹ́gbẹ̀ẹ́ x àti R² tó jẹ́ 0.90. Ọ̀gá yín ì bá ṣì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Nítorí náà, ẹ má fi R² ṣe ẹ̀rí pé x ló ń fa y. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí àṣírí ti ń tú ni àṣẹ́kù. Ẹ fi ìpolówó sí òpó A àti àpò sí òpó C, kí ẹ fi B sílẹ̀ fún ohun tí a óò sọ láìpẹ́, kí ẹ sì tẹ èyí sí D2, kí ẹ fà á dé D13:

```
=C2-(6.5506*A2+27.022)
```

Ẹ wá ya àwòrán alámì tí A wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí D wà ní ẹ̀gbẹ́. Bí ìlà bá bá dátà mu, àwọn àmì yóò fọ́n ká yí òdo ká láìní ètò kankan, bí ìgbà tí èèyàn fọ́n àgbàdo fún adìẹ. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi ìpolówó 2, ìpíndọ́gba àṣẹ́kù jẹ́ +3.9. Níbi 3, ó jẹ́ -0.7. Níbi 4, ó já sí -5.2. Lẹ́yìn náà ló fò sókè sí +7.6 níbi 8, ó tún wálẹ̀ sí òdo níbi 9, ó sì parí sí -1.5 níbi 10. Ó ń wálẹ̀, ó fò sókè, ó tún ń wálẹ̀, bí eyín ayùn. Wíwálẹ̀ nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ń sọ fún yín pé ìlà náà ń yára gòkè jù fún àwọn ọ̀sẹ̀ tó jọ ara wọn. Fífò láàrin méjèèjì ń sọ pé nǹkan kan yí padà níbẹ̀ tí kò sí nínú òpó A.

Ẹ máa ya àwòrán yìí nígbà gbogbo kí ẹ tó kọ ìròyìn. Ní 1973, Anscombe, onímọ̀ ìṣirò dátà, gbé ọ̀wọ́ dátà mẹ́rin kalẹ̀ tí gbogbo wọn fún ni ní ìlà kan náà, y = 3 + 0.5x, àti R² kan náà, 0.67. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán wọn, ọ̀kan fọ́n ká dáadáa, èkejì tẹ̀ kọrọdọ, ẹ̀kẹta ní àmì kan ṣoṣo tó gbé ìlà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ̀kẹrin sì jẹ́ òpó àmì tó dúró gangan pẹ̀lú àmì kan tó dá wà lọ́ọ̀ọ́kán. Nọ́ńbà nìkan kò fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Ó wá kan òpó B. Ẹ kọ 1 síwájú ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù wọlé, ẹ kọ 0 síwájú àwọn yòókù. Ìlà tí ẹ ń fi kíliki fà lórí àwòrán kò lè lo òpó méjì, nítorí náà ẹ tẹ èyí sínú àpótí kan tó ṣófo:

```
=LINEST(C2:C13,A2:B13,TRUE,TRUE)
```

Bó bá jẹ́ Excel àtijọ́ ni, ẹ kọ́kọ́ yan àpótí márùn-ún ní òró àti mẹ́ta ní ìbú, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi Ctrl+Shift+Enter parí rẹ̀. Òkè rẹ̀ yóò rí báyìí:

```
30       2        40
3.779    0.601    1.890
0.9935   1.700    #N/A
```

Níbí ni ọ̀pọ̀ ẹni tuntun ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé: ẹ̀yìn sí iwájú ni LINEST ń tò wọ́n. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lókè, 30, jẹ́ ti òpó B, kì í ṣe ti A. Ìkejì, 2, ni ti ìpolówó. Ìkẹta, 40, ni ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbé 30 fún ìpolówó, ọ̀rọ̀ di èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ kà á báyìí: àpò 40, ẹ fi 2 kún un lórí ìpolówó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi 30 kún un bí owó oṣù bá wọlé ní ọ̀sẹ̀ náà. Àpò 2 yẹn ni ìfiwéra láàrin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n jẹ́ irú kan náà. Excel kò tún fi ọ̀sẹ̀ owó oṣù wé ọ̀sẹ̀ lásán mọ́ láti fi dá ìpolówó lọ́lá.

Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ 2, ìyẹn 0.601, ń sọ bí 2 náà ṣe lè yẹ̀ tó, nítorí ọ̀sẹ̀ 12 kò pọ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2.262. Nọ́ńbà yìí ni ti ọ̀sẹ̀ 12 tí a ti yọ nọ́ńbà 3 tí a ṣírò kúrò nínú rẹ̀, tó ku 9. Bí dátà bá pọ̀ sí i, ó máa ń sún mọ́ 1.96. Ó fún yín ní nǹkan bí 1.36 sókè àti sísàlẹ̀. Ìpolówó kan lè máa mú ohunkóhun wá láti 0.64 dé 3.36. Ẹ rántí 3.2 tí owó ti dọ́gba. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n etí òkè pátápátá ló wà. Ohun tí ẹ lè sọ fún ọ̀gá yín pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ ni pé 6.55 kò sí nínú rẹ̀ rárá, àti pé ó ṣeé ṣe jù pé ìpolówó kò pa owó ara rẹ̀ dà. Ẹ má sọ pé “ìpolówó kò wúlò”. Dátà náà kò wí bẹ́ẹ̀.

Ìdíwọ́ kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì ju àwọn yòókù lọ. Kò sí ọ̀sẹ̀ lásán kankan tó ní ìpolówó 8, kò sì sí ọ̀sẹ̀ owó oṣù tó ní 3. Ìṣirò gbé àpò 2 kọjá lórí àlàfo tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán wò, ó ní bí ìpolówó kẹta ṣe ṣe ni ìkẹsàn-án náà yóò ṣe. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé lẹ́yìn ìpolówó kẹfà, àwọn èèyàn ti gbọ́ tán. 30 tí a kà sí ti owó oṣù dúró lórí àbá yìí, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ fi tó 3.779. Bákan náà ni 27 tí ìlà àkọ́kọ́ ní ẹ óò tà láìsí ìpolówó kankan, àti 40 tí èkejì ní. Kò sí ọ̀sẹ̀ kankan tí ẹ kò polówó, nítorí náà ẹ má kọ èyíkéyìí nínú wọn sínú ìròyìn bí ohun tí ẹ mọ̀.

Ṣé kí ẹ wá da ìlà àkọ́kọ́ nù ni? Ó ní iṣẹ́ kan tó lè ṣe dáadáa. Bí ọ̀gá yín bá ń bá àṣà rẹ̀ lọ, tó ń kó ìpolówó jọ sí ìparí oṣù tó sì ń dín in kù láàrin oṣù, ìlà náà lè sọ iye àpò tí ẹ nílò ní ilé ìkẹ́rùsí. Fún ọ̀sẹ̀ tó ní ìpolówó 9, yóò ní 86, ẹ fi àyè bí àpò 12 sílẹ̀ sókè àti sísàlẹ̀. Èyí bá iṣẹ́ ẹni tó ń pèsè ọjà mu. Bí ọ̀gá bá yí àṣà náà padà báyìí, tó fi ìpolówó 10 sí ọ̀sẹ̀ lásán, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, nítorí inú àṣà yẹn ni 6.55 ti ń jẹun.

Ohun tó lè dáhùn ìbéèrè ọ̀gá yín ni pé kí ẹ ya ìpolówó kúrò lára owó oṣù fún ọ̀sẹ̀ 8, tí méjì nínú wọn jẹ́ ti owó oṣù. Ẹ ṣẹ́ ìwé pélébé mẹ́fà fún ọ̀sẹ̀ lásán, mẹ́ta kí ó ní “2”, mẹ́ta kí ó ní “10”. Ẹ ṣẹ́ méjì fún ọ̀sẹ̀ owó oṣù, ọ̀kan “2”, ọ̀kan “10”. Ẹ ká wọn kóńkó, kí ẹnì kan mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ohun tó bá jáde sì jẹ́ iye ìpolówó ọ̀sẹ̀ náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo bí ọjà ṣe rí kó tó pinnu. Ojú tí ọ̀gá fi ń wo ọjà kó tó polówó ló da dátà àkọ́kọ́ rú.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí ìṣirò. Ìjìnnà ìpolówó láàrin ọ̀sẹ̀ tó jọ ara wọn, tó jẹ́ 8 tẹ́lẹ̀, yóò di 128, nítorí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fi 4 jìnnà sí ìpíndọ́gba 6. Bí títà bá ń yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀, 0.601 yóò já sí nǹkan bí 0.15, àyè tí ẹ óò fún nọ́ńbà ìpolówó yóò sì di nǹkan bí 0.4 sókè àti sísàlẹ̀. Bó bá wà nítòsí 2, tàbí nítòsí 4, kò ní í ṣòro láti mọ ibi tó wà sí 3.2. Ní ti owó, ìpolówó 48 ni ẹ óò ṣe ní ọ̀sẹ̀ 8 yẹn dípò 36 tí àṣà yín ì bá jẹ́. Méjìlá ló lé, ₦96,000. Bí ìpolówó kan bá ń mú àpò 2 wá, ₦60,000 yóò padà wọlé, ₦36,000 ni ẹ óò fi ra ìdáhùn náà. Kò tó àdánù ọ̀sẹ̀ méjì lábẹ́ ètò ìpolówó 10 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bí ẹ bá máa ṣe é, ọjọ́ tí owó oṣù wọlé gan-an ni kí ẹ fi kọ 1 sí òpó B, kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kó wọlé. Bí owó bá pẹ́ dé ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kejì ló ni 1, ìwé pélébé ti owó oṣù náà ni kí ẹ sì mú fún un. Ẹ gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rédíò nípa ìgbà tí ìpolówó jáde, nítorí èyí tí ẹ san owó rẹ̀ tí kò jáde kò yẹ kó wà ní òpó A. Ẹ jẹ́ kí ìpolówó máa jáde láàrin ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Èyí tó bá jáde ní alẹ́ Sátidé, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò ta ọjà fún. Bí ìrẹsì bá sì tán ní ṣọ́ọ̀bù kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ sàmì sí ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹ má kà á mọ́ àwọn yòókù, nítorí iye àpò tó wà nílẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kì í ṣe iye tí àwọn oníbàárà fẹ́ rà.